Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí àbúrò mi kọ báyọ́lọ́jì WAEC: báwo la ṣe máa to àkókò àti nóòtì àgékúrú rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní SS3. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kó jókòó kọ báyọ́lọ́jì WAEC, NECO á sì tẹ̀ lé e. Ó ra ìwé kan, ó ní nóòtì àgékúrú lòun ń kọ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ àná, ó ti kọ ojú ìwé 71, kókó mẹ́rin péré ló sì tíì parí. Ó kàn ń da nóòtì ilé ìwé kọ ni, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, ó wá ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó pa ìwé dé kó ṣàlàyé iṣẹ́ kíndìrín fún mi. Ó sọ gbólóhùn kan, ó dákẹ́.

Táìmtébù rẹ̀ náà wà lára ògiri: báyọ́lọ́jì, ojoojúmọ́, aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Kò sí orúkọ kókó kankan níbẹ̀. Bó bá jókòó, ibi tó bá ṣí ló ń kà, orí ọ̀rọ̀ hóró ara ló sì sábà máa ń ṣí, torí pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò fẹ́ kó jókòó lásán títí di ọjọ́ ìdánwò.

Ọmọ Ìkìrun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó fi nóòtì sílẹ̀. Ẹ ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá fún un, èyí tó ní ti ọdún mẹ́wàá. WAEC máa ń tún ìbéèrè bi. Èmi ò ka nóòtì kankan lọ́dún tó kọjá, mo kàn há ìdáhùn ọbíjẹ́kítíìfù sórí láti ọdún dé ọdún. Mo pàdé ó kéré tán mẹ́wàá tí mo ti rí rí. C4 ni mo mú.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ẹ kú àìsùn ọ̀rọ̀ àbúrò. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní báyọ́lọ́jì fún ọdún pípẹ́, ohun tí ẹ rí nínú ìwé rẹ̀ yẹn ni mò ń rí lọ́dọọdún. Ọmọ tó ń da nóòtì kọ, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ ń sùn. Ó rẹ̀ ẹ́ bó bá parí, ó wá rò pé òun ti kàwé.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìkìrun fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Òótọ́ ni pé kókó kan náà máa ń padà wá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ló ń yí padà. Lọ́dún kan wọ́n lè ní kí ẹ dárúkọ iṣẹ́ kíndìrín. Lọ́dún mìíràn wọ́n á ya àtẹ kan tó fi ìwọ̀n gúlúkóòsì, púrótéènì àti yúríà inú omi ẹ̀jẹ̀ hàn, wọ́n á fi ti inú ìtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá ní kí ẹ ṣàlàyé ìdí tí gúlúkóòsì fi wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì. Ọmọ tó há "B" sórí kò ní rí nǹkan kan kọ síbẹ̀. Àti pé ọbíjẹ́kítíìfù kọ́ ni gbogbo ìdánwò náà. Máàkì 50 ló wà níbẹ̀, 70 wà nínú èyí tí wọ́n ń kọ àlàyé sí, 80 sì wà nínú púrátíkà, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi oṣù mẹ́ta ka ohun tó ní máàkì kékeré jù, tí wọ́n á sì fi ọjọ́ méjì ka púrátíkà.

Ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ mú ìbéèrè ọdún kan tí kò tíì rí rí. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 50 gééré fún ìbéèrè 50, torí bẹ́ẹ̀ ni WAEC ṣe máa ṣe é. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fi àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo èyí tó bá méfò, bó tilẹ̀ gbà á. Nígbà tí ẹ bá máàkì rẹ̀, ẹ má wo iye tó gbà nìkan. Ẹ kọ orúkọ kókó sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo èyí tó kùnà àti èyí tó méfò. Ìwé yẹn ni táìmtébù yóò ti jáde. Ẹ gbé e wá síbí.

Bàbá Ṣakí

Ọmọ mi náà ń ṣe báyọ́lọ́jì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ ń sọ nípa yíya àwòrán? Ìbéèrè 40 ni wọ́n ń bi wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, kò síbi tí wọ́n ti ń yàwòrán níbẹ̀.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, JAMB lẹ ń wí yẹn, ẹ ò sì ṣìnà nípa 40. Ti WAEC la ń sọ níbí. Kókó wọn jọra, ṣùgbọ́n JAMB kì í wo bí ọmọ ṣe ń kọ àlàyé tàbí yàwòrán. Bí ọmọ yín bá máa ṣe méjèèjì, ẹ má jẹ́ kó fi ìmúrasílẹ̀ JAMB nìkan wọ gbọ̀ngàn WAEC o.

Bàbá Ṣakí

Ó ti yé mi. Ó máa ṣe méjèèjì. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mò ń kà á.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

A ti ṣe é lánàá, sà. Ó gba 27 nínú 50. Nínú 23 tó kùnà, mẹ́jọ jẹ́ ti kíndìrín, awọ ara àti bí ara ṣe ń ṣètò omi àti ooru. Méje jẹ́ ti àbùdá àti ìran, ẹ̀jẹ̀ AS àti irú bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ ti àyíká, ìyókù kàn fọ́n ká. Nínú èyí tó gbà, mẹ́fà ló méfò, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ti bí omi ṣe ń gun igi láti gbòǹgbò dé ewé. Kò kùnà ẹyọ kan lórí hóró ara. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní ká gbé e wá.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ bá mi kí i. Tí kò bá fi àmì sí èyí tó méfò, à bá ti rò pé ó mọ ọ̀rọ̀ omi inú igi.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí. Ìjókòó mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan, Sátidé nìkan ló lè tó wákàtí méjì. Mọ́ńdè àti Ọjọ́rú ni kókó tuntun, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ Ẹtì, kò sí ohun tuntun rárá. Á pa ìwé dé, á kọ ohun tó kà ní Mọ́ńdè àti Ọjọ́rú jáde láti orí rẹ̀, á sì tún kọ ọ̀kan nínú ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló tó ṣí ìwé wo ibi tó ti fò. Sátidé jẹ́ ti púrátíkà. Ọjọ́bọ̀ ṣófo, ẹ má fi nǹkan kan síbẹ̀. Bí iná bá lọ ní Mọ́ńdè tàbí tí àlejò dé, Ọjọ́bọ̀ ló máa fi dí i. Táìmtébù tí kò ní ọjọ́ òfìfo kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fọ́, ọmọ á wá sọ ọ́ nù pátápátá.

Báyìí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ á gba kókó mẹ́wàá. Ẹ fi kíndìrín, ètò omi ara, àbùdá àti omi inú igi ṣáájú, kó lè ní àyè láti padà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Hóró ara kò gbọ́dọ̀ sí nínú mẹ́wàá yẹn, ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lásán tó o. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìbéèrè ọdún méjì lódindi, pẹ̀lú aago. Ọ̀sẹ̀ keje, ìwé àgékúrú rẹ̀ nìkan.

Ìwé àgékúrú náà ńkọ́? Ojú ìwé kan fún kókó kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo kíndìrín. Kó ka nóòtì ilé ìwé fún bí ogójì ìṣẹ́jú, kó wá pa á dé. Kó ya nẹ́fírọ́ọ̀nù kan, ìyẹn asẹ́ kékeré inú kíndìrín pẹ̀lú ọ̀pá lílọ́ rẹ̀, sí àárín ìwé láì wo ibì kankan, bó tilẹ̀ rí wúruwùru. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìbéèrè ni kó kọ, kì í ṣe ìdáhùn.

Èkíní: kí ló ń ti omi jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀? Ohun tó yẹ kó lè fẹnu sọ ni pé òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé fẹ̀ ju èyí tó ń gbé e jáde lọ. Ẹ̀jẹ̀ wá há síbẹ̀, ipá rẹ̀ ga, omi àti àwọn ohun kéékèèké inú rẹ̀ sì jò bọ́ sínú àpò Bómáànù. Èkejì: kí ni kò lè jò kọjá? Hóró ẹ̀jẹ̀ àti àwọn púrótéènì ńlá, torí wọ́n tóbi ju ihò asẹ́ náà lọ. Ẹ̀kẹta: kí ni ara ń gbà padà, níbo? Gbogbo gúlúkóòsì ni ara tó dá ṣáṣá ń gbà padà ní ọ̀pá lílọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ omi náà ibẹ̀ ló ti ń padà. Ẹ̀kẹrin: kí ló dé tí ìtọ̀ fi ń pọ́n lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú? Omi ara ti dín kù, ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ tú họ́mọ́ọ̀nù ADH sí i, kíndìrín wá fa omi padà púpọ̀ kó tó jẹ́ kí ìyókù lọ. Bó bá lè dáhùn mẹ́rin yìí, àtẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní dẹ́rù bà á mọ́. Bí gúlúkóòsì bá sì wà nínú ìtọ̀ ẹnì kan, á mọ̀ pé ó ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ohun tí ọ̀pá yẹn lè gbà padà lọ, bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Ìbéèrè karùn-ún tí mo máa ń fi kún un ni ti ìyàtọ̀, torí ibẹ̀ ni máàkì ti ń jò. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kíndìrín àti èyí tó ń jáde? Ọmọ á kọ ọ́ pé: "èyí tó ń wọlé ní yúríà púpọ̀, èyí tó ń jáde ní kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì púpọ̀." Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyàtọ̀. Yúríà ni kó fi kojú yúríà: wọlé púpọ̀, jáde díẹ̀. Ọ́síjìn kojú ọ́síjìn. Kó fa ìlà sí àárín, kó kọ ọ́ ní méjì-méjì.

Ìyá Ìlọrin

Ẹ ṣé, olùkọ́. Ẹ dákun, ẹ dárúkọ AS, ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí. AS lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi. Àkọ́bí wa jẹ́ SS, kò sì rọrùn fún wa. Ọmọbìnrin mi kejì wà ní SS3 báyìí, ó wá fi nóòtì rẹ̀ hàn mí. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé bí AS bá fẹ́ AS tí wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ AA, méjì AS, ọ̀kan SS. Ó wá ní, "Màámi, SS ti lọ nìyẹn, àwa yòókù ti bọ́." Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Ẹlòmíràn ní àdúgbò wa bí SS méjì tẹ̀ léra.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Ìyá, Ọlọ́run á wo àkọ́bí yín. Nóòtì yẹn ló ṣì í lọ́nà. Ìpín mẹ́rin inú àpótí tí wọ́n ń yà yẹn kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Oyún kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, bàbá lè fi A tàbí S ránṣẹ́, ìyá náà lè fi A tàbí S ránṣẹ́, nítorí náà ọ̀nà mẹ́rin ló wà tí wọ́n lè gbà pàdé, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni SS. Oyún tó tẹ̀ lé e kò rántí èyí tó ṣáájú. Ìdá kan nínú mẹ́rin náà ló tún jẹ́, bí ẹ tilẹ̀ ti bí SS kan. Ìdí nìyẹn tí ará àdúgbò yín fi lè bí méjì tẹ̀ léra.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fúnra rẹ̀, kó má fi àpótí inú nóòtì pinnu irú ẹ̀jẹ̀ tó ní.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni kó kọ ọ́ nínú ìdánwò: ó ṣeé ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí 25%, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kó sì yí òbìrí sí ẹ̀yọ A tàbí S tó ń jáde lára òbí kọ̀ọ̀kan kó tó ya àpótí. Àwọn tó fo ìlà yẹn kì í gba máàkì tó wà fún un, bí ìdáhùn wọn tilẹ̀ tọ́.

Òṣìṣẹ́ Lábù, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sátidé, torí inú lábù ni mo wà. Kò pọn dandan kí ilé ìwé ní ohun èlò olówó ńlá kí ọmọ tó múra sílẹ̀. Ọjà ni kí ẹ rán an lọ: ọsàn, tòmátì, ẹ̀wà tó ṣì wà nínú èèpo, máńgòrò bí àsìkò rẹ̀ bá tó, ewé àgbàdo àti ewé ẹ̀wà. Ọ̀kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tó.

Kó gé ọsàn sí méjì ní ìbú. Kó fi rúlà wọn ọsàn náà kó tó yà á. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6.5. Kó wá fi pẹ́ńsùlù HB tó mú ṣáṣá yà á tóbi, ká ní sẹ̀ǹtímítà 13. Ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan tó dán, tí kò ní irun bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ gbọ̀n kọ̀wé. Kò gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsùlù kun inú rẹ̀ dúdú. Ìlà orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti rúlà, kò gbọ́dọ̀ ní orí ọfà, ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ gba orí èkejì kọjá. Àkọlé gbọ́dọ̀ sọ pé ọsàn tí a gé ní ìbú ni. Lẹ́yìn náà ni kó fi 6.5 pín 13: ×2.

Ibi ×2 yìí ni mo ti rí ẹkún. Ọmọ kan níbi tí mò ń ṣiṣẹ́ ya ọsàn tó lẹ́wà gan-an, ó wá kọ "×2 cm". Sẹ̀ǹtímítà pín sẹ̀ǹtímítà ti pa ara wọn, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti kọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn yí ìpín náà padà, wọ́n fi ti àwòrán pín ti ohun gidi, wọ́n wá rí ×0.5 fún àwòrán tó tóbi ju ọsàn lọ. Bí àwòrán bá tóbi ju ohun gidi lọ tí èsì wá kéré ju 1, kó mọ̀ pé ó ti yí i.

Kó tún máa bi ara rẹ̀ bí hóró èso ṣe so mọ́ inú. Nínú tòmátì àti ọsàn, àárín gbùngbùn ni wọ́n so mọ́. Nínú ẹ̀wà, ẹ̀gbẹ́ kan èèpo ni. Wọ́n fẹ́ràn láti bi wọ́n léyìí.

Ọmọ Ìkìrun

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Mo gbà pé mi ò mọ ti àtẹ yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibẹ̀ ni C4 ti wá. Ṣùgbọ́n lórí aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, mo rò pé ó yẹ kó yí i sí òru, aago méjì. Ilé dákẹ́ nígbà yẹn.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Rárá o. Ọmọ tó sùn wákàtí mẹ́rin, ohun tó kà lóru kì í dúró sí i lórí. Kó kà á ní ìdájí bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó tètè sùn.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti rí àwọn ọmọ tí òru bá lára mu. Mi ò lè sọ pé ọ̀nà kan ló tọ́ fún gbogbo wọn. Ẹ fi ìwé ọjọ́ Ẹtì wò ó: bó bá ń kà lóru tí kò sì lè kọ nǹkan jáde ní Ẹtì, ẹ yí i padà.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ kejì la wà. Ìwé ojú ewé 71 yẹn ti wà lórí àpótí, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ojú ìwé mẹ́rin ló ní báyìí. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, nínú ìbéèrè márùn-ún kíndìrín, méjì ló lè dáhùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ní Ẹtì tó kọjá ó dáhùn mẹ́rin. Èyí tó ṣì ń fò ni ti òpó tó fẹ̀ àti èyí tó tínrín. Ó máa ń yí wọn. Mo ní kó fi tọ́ọ̀ṣì ilé wa ṣe é, ibi orí tó fẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà, ibi ìdí tó tínrín ni ìjáde. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn tọ́, sà.

Púrátíkà Sátidé ló ṣòro jù. A rí ọsàn àti ẹ̀wà, ó yà wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n maikirosíkóòpù kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìwé wọn, ó sì ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Kò tíì fojú ara rẹ̀ rí hóró ara àlùbọ́sà rí, inú ìwé nìkan ló ti mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ ibi tí wọ́n ti lè gbà á láàyè ní Ìbàdàn láti wo ó, kódà fún ọjọ́ kan?

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Tọ́ọ̀ṣì yẹn dára, mo máa mú un lọ sí kíláàsì. Kó ṣáà rántí pé òpó méjì ni wọ́n, kì í ṣe ẹyọ kan tó ń tínrín lọ, asẹ́ náà ló wà láàárín wọn.

Ti maikirosíkóòpù, èmi ò sí ní Ìbàdàn.

Òṣìṣẹ́ Lábù, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ lọ bá olórí ilé ìwé girama mìíràn tó súnmọ́ yín, kí olùkọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà fún un. Àwa máa ń gba irú wọn ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kó mú àlùbọ́sà, abẹ́ àti áyódíìnì díẹ̀ dání, torí ìyẹn ni wọ́n máa ń sọ pé ó tán.

Bàbá Ṣakí

Bí ẹ bá rí èyí tó gbà, ẹ bá mi béèrè bóyá wọ́n lè gba ọmọ kan kún un. Mo lè gbé e wá láti Ṣakí.